Kí Ni Oníbàárà Ń Sanwó Fún?

Ẹni tó ń ta gàárì mọ̀ pé bí òun bá ti wọn kóńgò kan fún oníbàárà, kóńgò kan ti dín nínú àpò. Pátánì aṣọ tí mò ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo tà á fún ẹnì kan lónìí, bó ṣe wà ló ṣe wà. Bí mo tà á fún igba ènìyàn, kò dín. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi náà lè pín in fún igba ènìyàn, kí tirẹ̀ má sì dín.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Gbogbo télọ̀ ló mọ pátánì: iwájú bùbá, ẹ̀yìn rẹ̀, apá àti ọrùn, tí a yà sórí bébà, tí a gé, tí a wá ń gbé lé aṣọ kí a tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Láyé ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́, bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá wa fi ń yà á, orí ìṣó lára ògiri ló sì máa ń fi kọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni èmi ti ń ya tèmi. Mo máa ń pín ìyàwòrán náà sí ojú ewé bébà A4, gbogbo rẹ̀ á wà nínú fáìlì PDF kan. Ẹni tó bá rà á á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn ojú ewé náà pọ̀ bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, á gé e, á sì gbé e lé aṣọ. Mo tún ní ẹ̀kọ́ kúkúrú onífídíò kan tó ń fi bí a ṣe ń gé bùbá àti bí a ṣe ń so apá mọ́ ọn hàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí sábà máa ń bi mí: báwo ni ọjà ṣe ń dé ọwọ́ oníbàárà, báwo ni a ṣe ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè, èló sì ni kí a máa tà á. Wọ́n a máa bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi pé ọ̀kan kò kan èkejì. Ohun tí òwò náà kọ́ mi ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí oníbàárà ń sanwó fún gan-an á mọ ohun tó yẹ kó fi ránṣẹ́, á mọ ohun tó yẹ kó dáàbò bò, á sì mọ iye tó yẹ kó pè é.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí ọjà ṣe ń dé ọwọ́. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa télọ̀ ni pé kí oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, kó ya àwòrán rìsíìtì orí fóònù rẹ̀, kó fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí a wá fi fáìlì ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà yìí rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewu méjì. Àkọ́kọ́ ni áláàtì ayédèrú. Àwòrán rìsíìtì kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó tó ti wọ àkáǹtì, tí ẹ fi ojú ara yín rí nígbà tí ẹ ṣí áápù báńkì yín, ni kí ẹ gbà gbọ́. Èkejì ni pé ènìyàn kò lè máa jí ní gbogbo òru. Ẹni tó wà ní Hústọ́ọ̀nù lè sanwó ní aago mẹ́jọ alẹ́ tiwọn, tí Ìbàdàn sì ti wà ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí kò bá rí ọjà gbà kíákíá, ẹ̀rù á bà á pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì, kò sì jẹ̀bi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé títà náà sí ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gba owó fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ Paystack. Bí owó bá ti wọlé, tí Paystack sì ti jẹ́rìí sí i, ojúlé náà á fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, èmi náà á béèrè nọ́ńbà Wásáàpù rẹ̀, torí ímeèlì ni ọjà ti ń sọnù jù. Ẹlòmíràn á kọ ti rẹ̀ ní àṣìkọ, á fi lẹ́tà kan sílẹ̀ níbi `gmail.com`. Ti ẹlòmíràn á wọ inú spam, kò sì ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Líǹkì tí mò ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kan máa ń gbé fáìlì sí Google Drive, wọ́n á yan `Anyone with the link`, líǹkì kan náà ni wọ́n á sì máa fún gbogbo oníbàárà. Ẹni tó bá fi irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ télọ̀ kan ti pín ọjà náà tán. Líǹkì tèmi jẹ́ ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ní iye ìgbà tí a lè fi gba fáìlì, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù lè béèrè òmíràn, mo sì máa ń fún un.

Ṣùgbọ́n kí fáìlì dé orí fóònù oníbàárà kò tíì túmọ̀ sí pé ọjà ti dé. Obìnrin kan pè mí láti Òṣogbo lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ sì kún fún ìbànújẹ́.

“Anti, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n bùbá yín yìí ò wọlé rárá. Aṣọ ìyá ọkọ mi ni mo gé, léèsì ni. Mo ti gé e o.”

Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àpótí kékeré kan wà ní ojú ewé kìíní. Ẹ bá mi fi téèpù wọ̀n ọ́n.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Íǹṣì mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni.”

Íǹṣì mẹ́rin gééré ló yẹ kí àpótí yẹn jẹ́. Àléébù náà ti hàn. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti tẹ pátánì náà jáde, ó fún mi ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ láti bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní, “Bó ṣe máa ń wà nìyẹn mà, kí ó má baà gé létí.” Òtítọ́ ló sọ. Pirinta tó pọ̀ jù kì í tẹ̀wé dé etí bébà, torí náà ètò kọ̀ǹpútà á yan `Fit`, á sì sún gbogbo ìyàwòrán kéré díẹ̀ kó lè wọ inú bébà. Fún lẹ́tà tàbí fọ́ọ̀mù, kò sí ewu níbẹ̀. Fún pátánì, ìparun ni. Bí íǹṣì mẹ́rin bá di mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Pátánì tí àyà rẹ̀ yẹ kó jẹ́ íǹṣì 40 á wá di íǹṣì 37½. Ojú lásán kò ní rí i lórí bébà, ṣùgbọ́n bùbá ìyá ọkọ á fún un láyà.

Ohun tí a ní láti yàn ni `Actual size`, tàbí `100%` nínú àwọn ètò mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ojú ewé àpótí yẹn dá dúró nínú gbogbo pátánì tí mo bá tà. Mo kọ ọ́ sí i ní Yorùbá gbọ̀ngbọ̀nràn pé kí a tẹ ojú ewé yìí nìkan ná, kí a fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí a má sì tẹ ìyókù bí kò bá pé íǹṣì mẹ́rin. Bébà kan ṣoṣo ni oníbàárà máa fi dán an wò, kò ní gé léèsì ẹnikẹ́ni dànù. Mo tún kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan fún ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ ẹni yẹn gan-an ni ọjà mi ti ń pé tàbí kó bàjẹ́.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní ìṣòro tiwọn. Bébà A4 tí à ń lò ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń lò ní Bìrìtìkó, jẹ́ mìlímítà 210 ní fífẹ̀ àti 297 ní gígùn. Bébà Letter tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, 216, ṣùgbọ́n ó kúrú jù ú, 279 péré. Pátánì tí a yà kún ojú ewé A4 á pàdánù ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí Letter, tàbí kí pirinta sún un kéré, kí a tún padà sí wàhálà àkọ́kọ́. Ohun tó tán an ni pé kí gbogbo ìlà wà nínú àyè tó jẹ́ mìlímítà 190 ní fífẹ̀ àti 255 ní gígùn, kí ìyókù jẹ́ etí funfun. Fáìlì kan náà á wá pé lórí bébà méjèèjì.

Ti fídíò tún yàtọ̀. Owó dátà ni oníbàárà mi ń rò kó tó ro ohunkóhun. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi fóònù òde òní yà lè ju gígábáìtì kan lọ. Bí a bá sì fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí fídíò lásán, Wásáàpù á fún un pọ̀ títí ìlà ṣọ́ọ̀kì fi máa pòórá lára aṣọ. Mo máa ń fún un pọ̀ fúnra mi kí n tó gbé e sórí ojúlé, kí n lè pinnu ohun tí yóò pòórá àti ohun tí yóò kù. Àṣẹ tí mò ń lò nìyí:

```
ffmpeg -i eko1.mp4 -vf scale=-2:480 -c:v libx264 -crf 28 -c:a aac -b:a 64k eko1_480.mp4
```

Nọ́ńbà `480` ni gíga àwòrán. `28` ló ń sọ bí a ṣe fẹ́ kó fún un pọ̀ tó, bó bá sì ṣe ga sí i ni fáìlì ń kéré sí i tí àwòrán sì ń bàjẹ́ sí i. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì lọ lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn tí mo bá fún un pọ̀, orí fóònù olówó pọ́ọ́kú ni mo ti máa ń wò ó. Bí mi ò bá rí ìlà ṣọ́ọ̀kì níbi ihò apá, a jẹ́ pé kámẹ́rà jìnnà jù nígbà tí a ń yà á, kò sí àṣẹ kọ̀ǹpútà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Mo ti sọ̀rọ̀ gígùn lórí èyí torí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, ti olè, wà. Ohun tí obìnrin Òṣogbo yẹn rà kì í ṣe fáìlì. Bùbá tó máa wọ ìyá ọkọ rẹ̀ ló rà. Fáìlì ni ẹlòmíràn lè jí kó. Àpótí tí a wọ̀n, fóònù tí mo gbé, ọ̀rọ̀ tí mo bá ọmọ ìtẹ̀wé sọ, kò sí ẹni tó lè dà wọ́n kọ.

Síbẹ̀, wọ́n ń jí i, ó sì ń dunni. Ẹnì kan á kó pátánì oríṣiríṣi ọlọ́jà jọ, á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ìkànnì Tẹligíráàmù kan, á máa tà wọ́n ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi òru yà, tí ó gé, tí ó rán wò, tí ó tún yà, ni wọ́n ń tà bí èérún. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti PDF náà. Kò wúlò. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kó tó lè ṣí i. Bó bá ti fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, á fi ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀ lé e. Èyí tí a fi dí ìtẹ̀wé lọ́nà tún burú jù, torí pátánì tí a kò lè tẹ̀ jáde kì í ṣe pátánì mọ́, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ sì ń yọ ọ́ kúrò wẹ́rẹ́. Oníbàárà olóòótọ́ nìkan ni títì bẹ́ẹ̀ ń fìyà jẹ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a kọ orúkọ ẹni tó rà á sára ọjà. Ojúlé ìtajà kan ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, a lè fi ọwọ́ ṣe é kí fáìlì tó jáde. Mo ní ìlànà méjì lórí rẹ̀. Èkíní, etí bébà kọ́ ni mò ń kọ ọ́ sí, torí wọ́n á gé etí dànù. Àárín iwájú bùbá ni mò ń kọ ọ́ sí, ní àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ á ti ba ìlà pátánì náà jẹ́. Èkejì, orúkọ, nọ́ńbà rírà àti nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn fóònù nìkan ni mò ń kọ. Mi ò ní kọ nọ́ńbà fóònù odindi, torí bí fáìlì náà bá bọ́ sí ọwọ́ ayé, kò yẹ kí oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè àwọn oníjìbìtì.

Nípasẹ̀ ìkọ̀wé yìí ni mo fi mọ ẹni tí ọ̀kan nínú pátánì mi ti ọwọ́ rẹ̀ dé Tẹligíráàmù. Ọ̀gá télọ̀ kan ni, ní Abẹ́òkúta, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ púpọ̀. Mo pè é. Mi ò pariwo, mo kàn sọ ohun tí mo rí fún un.

Ó ní, “Háà! Anti, ẹ forí jì mí. Mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni mo fi ránṣẹ́ sí kí wọ́n lè máa tẹ̀ ẹ́. Ó ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló gbé e síta.” Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ronú lé lórí fún ìgbà pípẹ́: “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ṣé kí n ra mẹ́jọ ni? Ọmọ iṣẹ́ mi ni wọ́n. Èmi ni mò ń kọ́ wọn.”

Kò parọ́. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí ọ̀gá bá mọ̀, ọmọ iṣẹ́ ló ni ín lẹ́yìn tó bá sìn ín tán tó sì gba fíríìdọ̀mù. Pátánì tí ọ̀gá tèmi náà kọ́ sára ògiri, gbogbo wa la dà á kọ, kò sì sí ẹni tó pè wá ní olè. Bí mo bá ń ta ọjà fún ọ̀gá télọ̀, tí mo sì ń retí pé kó gbàgbé pé òun ní ọmọ iṣẹ́, a jẹ́ pé mi ò tíì mọ oníbàárà mi. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní olè jẹ́ ẹni tí kò rí ọ̀nà tó tọ́ láti ra ohun tó nílò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé irú rírà kejì kalẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù: ọ̀gá kan á sanwó jù ti ẹnì kan lọ, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á wà lára pátánì, òun àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀gá Abẹ́òkúta náà rà á lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tó fi orúkọ rẹ̀ sára nǹkan tún ń ṣọ́ ọ ju bí èmi ṣe lè ṣọ́ ọ lọ.

Fún ẹni tó ń tà á ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, òfin wà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tó ni iṣẹ́ ní àǹfààní láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gba àdàkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n mú un kúrò. Amẹ́ríkà ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1998, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ní fọ́ọ̀mù tàbí ímeèlì fún un. Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbínú. A ó sọ iṣẹ́ wo ni, a ó fi líǹkì ibi tí àdàkọ wà gan-an sí i, a ó kọ orúkọ wa àti bí a ṣe lè rí wa, a ó sì kéde pé òtítọ́ ni ohun tí a kọ. Wọ́n sábà máa ń mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ìkànnì náà lè padà wá ní orúkọ mìíràn, ẹni tó bá sì sọ ìyẹn di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ní ráyè ya pátánì tuntun.

Ohun kan tún wà tí òfin kò fún mi, inú mi sì dùn pé kò fún mi. Ìlà tí mo fà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ àti fídíò tí mo yà jẹ́ tèmi. Bùbá kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń gé e nínú ẹ̀kọ́ mi, tó wá jókòó ya tirẹ̀, tó sì tà á, kò jí nǹkan kan. Iṣẹ́ ló kọ́. Òwò yìí kò ní jẹ́ òwò mọ́ ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ gba ohun tí àwọn baba ńlá wa gé sílẹ̀ fún gbogbo wa.

Ohun tó ń dáàbò bò mí ju lẹ́tà lọ ni àtúnṣe. Bí oníbàárà bá sọ fún mi pé ihò apá ẹni tó sanra ń fún, mo máa ń tún ìlà náà yà, líǹkì tuntun á sì lọ sí ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ti rà á láìgba kọ́bọ̀. Èyí tó wà lórí Tẹligíráàmù kò ní yí padà. Àwọn tó rà á níbẹ̀ gan-an ti pè mí rí pé apá kò bá ihò apá mu. Mo máa ń sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àdàkọ àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń sọ ibi tí wọ́n ti lè ra èyí tí a ti tún ṣe. Òmíràn nínú wọn ti di oníbàárà mi.

Èyí ló gbé wa dé orí iye owó. Ẹni tó bá gbà pé fáìlì ni òun ń tà á sọ pé, “Kò ná mi ní nǹkan kan láti fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n tà á ní pọ́ọ́kú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà á.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Paystack ń gba ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó wọlé láti káàdì Nàìjíríà, wọ́n sì ń fi ₦100 kún un, àyàfi bí owó náà kò bá tó ₦2,500. Pátánì tí mo tà ní ₦2,000 á mú ₦1,970 wá. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá rà á, ₦197,000 nìyẹn. Pátánì kan náà tí mo tà ní ₦5,000 á mú ₦4,825 wá, bó bá sì jẹ́ ogójì ènìyàn péré ló rà á, ₦193,000 ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ènìyàn ló fi pọ̀ sí i nínú ti àkọ́kọ́, ọgọ́ta ènìyàn tó lè pè mí pé líǹkì kò ṣí, pé pirinta sún ìyàwòrán kéré, pé apá kò wọ ihò apá. Bí mi ò bá dá wọn lóhùn, mo ti ta ohun tí mi ò ní. Bí mo bá dá wọn lóhùn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni mo gbà fún gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀nà ìṣirò kan náà ló fi hàn mí pé ₦2,500 jẹ́ iye burúkú láti pe ọjà. Ẹni tó ta ọjà ní ₦2,400 á san ₦36, á gba ₦2,364. Ẹni tó ta tirẹ̀ ní ₦2,500 á san ₦137.50, á gba ₦2,362.50. Oníbàárà ti san ọgọ́rùn-ún náírà lé e, síbẹ̀ owó tó kan ọlọ́jà tún dín. Kí ẹ tó kọ iye kan síta, ẹ yọ owó ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á fún yín kúrò nínú rẹ̀ ná.

Ibi tí iye owó kò gbọ́dọ̀ kọjá náà wà, oníbàárà ló sì ń pinnu rẹ̀. Télọ̀ ló ń ra pátánì mi. Bí iye rẹ̀ bá ju owó iṣẹ́ tó ń gbà lórí aṣọ kan lọ, ó ní láti rán ju aṣọ kan lọ kó tó bọ́ nínú gbèsè rẹ̀, kò sì ní rà á. Bí kò bá ju owó iṣẹ́ aṣọ kan lọ, aṣọ àkọ́kọ́ ti san án, èyí tó kù di èrè. Torí náà ni mo fi tò ó báyìí: pátánì oníwọ̀n kan ṣoṣo jẹ́ ₦2,400, èyí tó ní gbogbo ìwọ̀n jẹ́ ₦5,000, ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦12,000. Àlàfo tó wà láàárín wọn kì í ṣe ti iye ojú ewé. Ti iye ènìyàn tó máa lò ó, àti iye ìbéèrè tí mo máa dáhùn, ni.

Àwa Yorùbá a máa ná ọjà, ẹ̀tọ́ oníbàárà sì ni kó ná an. “Anti, ẹ bá mi yọ nǹkan níbẹ̀.” Mi ò kì í dín owó ọjà kan náà kù fún ẹnì kan, torí nínú ẹgbẹ́ télọ̀ orí Wásáàpù, àná ni gbogbo wọn ti gbọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń fi ọjà tó kéré sí i hàn án. Bí ₦5,000 bá wúwo, oníwọ̀n kan wà ní ₦2,400. Bó bá padà wá fún ti gbogbo ìwọ̀n, mo máa ń yọ ohun tó ti san kúrò. Ó ná ọjà, ó rí nǹkan gbà, ẹni tó sanwó pé kò sì ní rò pé mo rẹ́ òun jẹ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé òun ní ọjà orí kọ̀ǹpútà tí òun fẹ́ máa tà, ìbáà ṣe pátánì, ìbáà ṣe ìwé ìṣirò owó àjọ, ìbáà ṣe ẹ̀kọ́ kúkúrú, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó tàbí bí a ṣe ń tì í pa. Mo máa ní kó fún ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa ní ọjà náà, kó jókòó tì í, kó má sọ nǹkan kan, kó máa kọ gbogbo ibi tí ẹni náà bá ti dúró tàbí tó ti béèrè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ibi tó bá lè tún ṣe nínú ọjà, kó tún un ṣe. Ibi tó bá kù, tí yóò máa gba ohùn rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ni kó ṣírò. Owó ìyẹn ni kó pè.